Ọjọ́ Ni Wọ́n Ń Wò: Ìwé àti Àkókò fún Físà Ìkọ́ṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni kí n ṣàlàyé ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ ní kó tó lè lọ ṣe ìkọ́ṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní àìtíì, ní ilẹ̀ òkèèrè, àti ìgbà tó yẹ kó wá ìwé ọ̀hún. Ilẹ̀ òkèèrè pọ̀, òfin wọn kò sì rí bákan náà. Nítorí náà, Ìlú Ọba nìkan ni n ó mú lónìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ní ẹbí sí, ibẹ̀ náà sì ni òfin ọjọ́ ti le jù fún ẹni tí kò bá kà á dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ ó fi gba físà yìí ló ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Ènìyàn lè kó gbogbo ìwé náà jọ láìku ọ̀kan, kí wọ́n sì dá a padà, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo wọn jọ wà láàyè pọ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń wá físà ni láti wá ọjọ́ náà, kí ó sì fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú físà tí à ń sọ. Ẹni tó ti wà ní Ìlú Ọba tó ń kàwé níbẹ̀ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò èyí tí mo fẹ́ sọ. Bí ìkọ́ṣẹ́ bá jẹ́ ara ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò bójú tó o. Bí kò bá sì jẹ́ ara ẹ̀kọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni ẹni tó ń ka oyè dìgírì lè fi ṣiṣẹ́ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí ọmọ tó ń kàwé níhìn-ín, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí iléeṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba sì fẹ́ gbà fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mélòó kan. Lórí ìkànnì ìjọba wọn, gov.uk, orúkọ tí ẹ ó rí fún físà náà ni Government Authorised Exchange visa. Oṣù 12 ni ó pọ̀ jù tí ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ lè fi wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé físà àbẹ̀wò tó, pàápàá bí iléeṣẹ́ náà kò bá ní san owó. Kò tó. Òfin wọn kò gba ẹni tó wá bẹ ilé wò láyè láti ṣe ìkọ́ṣẹ́, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, eyín, ìtọ́jú aláìsàn àti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tó fẹ́ lọ wo bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ìgbà díẹ̀, láìgba owó, láìtọ́jú aláìsàn. Bí ọmọ yín bá ń ka iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ ìròyìn, físà àbẹ̀wò kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹni tó ń wo ìwé ìrìnnà ní pápákọ̀ òfuurufú bá rí lẹ́tà ìkọ́ṣẹ́ nínú báàgì rẹ̀, wọ́n lè dá a padà láti ibẹ̀.

Ìwé tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé onígbọ̀wọ́, èyí tí wọ́n ń kọ ní CoS lórí ẹ̀rọ. Ìwé la ń pè é, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni. Inú ẹ̀rọ ìjọba wọn ni ohun tó rọ̀ mọ́ nọ́ńbà náà wà: orúkọ ọmọ, irú iṣẹ́ tó fẹ́ lọ kọ́, àdírẹ́sì ibẹ̀, iye tí wọn yóò máa san fún un, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Iléeṣẹ́ tó gba ọmọ kọ́ ni ó ń fún un ní nọ́ńbà yìí. Àjọ kan tí ìjọba ti fọwọ́ sí pé kó máa bójú tó ètò ìkọ́ṣẹ́ ni yóò fún un, lẹ́yìn tí àjọ náà bá ti yẹ iléeṣẹ́ wò, tó sì rí i pé ọmọ náà kò gba àyè òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ń bẹ̀rẹ̀ níbí. Ọmọ á gba lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, ẹbí á ṣàjọyọ̀, oṣù méjì á kọjá, kò sì sí ẹni tó bi iléeṣẹ́ náà pé àjọ wo ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́. Lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ nìkan kò lè gba físà.

Bí ọmọ bá ti rí onígbọ̀wọ́, ọjọ́ méjì ni kó máa ṣọ́. Èkíní, ó gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè físà sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n fún un ní nọ́ńbà náà. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, nọ́ńbà ti kú. Èkejì, kò lè fi ìbéèrè sílẹ̀ títí yóò fi ku oṣù mẹ́ta kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òfin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí ohun tí wọ́n jọ ń sọ: nọ́ńbà tí wọ́n bá fúnni ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ ní ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ kò wúlò fún ohunkóhun. Yóò kú kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìmọ̀ ẹ̀rọ oníná ló kà ní Ifẹ̀, ó ti parí ìdánwò àṣekágbá, iléeṣẹ́ kan ní Mansẹ́sítà sì fẹ́ gbà á fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́wàá, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2026 títí di ìparí oṣù Kẹfà 2027. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò lè fi ìbéèrè sílẹ̀. Bí onígbọ̀wọ́ bá sáré fún un ní nọ́ńbà ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ni nọ́ńbà yóò kú, ó ku ọjọ́ bíi mẹ́wàá kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ìyára onígbọ̀wọ́ ti di ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, yóò lè lò ó títí di nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Keje. Àyè rẹ̀, nígbà náà, ni láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Gbogbo ìwé yòókù gbọ́dọ̀ wà láàyè láàárín ọ̀sẹ̀ méje yìí. Ẹ jẹ́ ká máa pe ọ̀sẹ̀ méje náà ní fèrèsé rẹ̀.

Ìwé ìrìnnà ló yẹ kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀, nítorí pé orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ìwé yòókù yóò tẹ̀lé. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ọmọ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ sí Ṣeun lè jẹ́ Oluwaseun nínú ìwé ìrìnnà, kí orúkọ bàbá sì wà níbi tí iléeṣẹ́ rò pé orúkọ tirẹ̀ wà. Bí ó bá fi Ṣeun ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́, Ṣeun ni yóò wọ inú nọ́ńbà náà, yóò sì di ọ̀rọ̀ àtúnṣe nígbà tí ọjọ́ ti ń lọ. Ohun tó rọrùn jù ni kí ó ya ojú ewé ìwé ìrìnnà tó ní fọ́tò, kí ó fi ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́, kí wọ́n dà á kọ lẹ́tà kan sí òmíràn. Bí ìwé ìrìnnà bá sì fẹ́ parí láìpẹ́, kí ó tún un ṣe kí ó tó ṣe ohun mìíràn. Ẹni tó bá pààrọ̀ ìwé ìrìnnà láàárín kan ti sọ nọ́ńbà rẹ̀ di méjì, àlàyé yóò sì wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, tó fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ ní Ìlú Ọba, gbọ́dọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ilé àyẹ̀wò tí ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń gbà. Ìwé láti ilé ìwòsàn mìíràn kò jámọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn, bó ti wù kí dókítà ibẹ̀ mọṣẹ́ tó. Wọn yóò ya àwòrán àyà rẹ̀, bí ohun gbogbo bá sì dára, wọn yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí tó ń lo oṣù mẹ́fà.

Ibi tó yẹ ká fi ọkàn sí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àwòrán àyà kò bá hàn kedere. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà ní àìsàn. Àpá àìsàn tó ti san lọ́jọ́ pípẹ́ lè hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò ní kó wá fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò sì gbìn ín láti mọ̀ bóyá kòkòrò àìsàn wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í yára dàgbà, nítorí náà èsì náà lè gba oṣù méjì. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni lè san tí yóò mú kó yá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, tí wọ́n sì gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èsì yóò dé ní nǹkan bí ìparí oṣù Kẹfà, fèrèsé rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Bí ó bá dúró di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, ó di oṣù Kẹjọ kí èsì tó dé, nọ́ńbà onígbọ̀wọ́ sì ti kú. Ẹni tí àyà rẹ̀ mọ́ kedere kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ẹni tí tirẹ̀ kò mọ́ kedere ni òfin yìí ń dán wò, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ ṣáájú pé òun ni.

Ó ku owó. Òfin ní kí ẹni tó ń bọ̀ fi hàn pé òun ní pọ́n-ùn 1,270 tí òun yóò fi gbé ara òun ró kí owó iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Onígbọ̀wọ́ kan lè kọ ọ́ sínú nọ́ńbà náà pé àwọn yóò gbọ́ bùkátà ọmọ náà títí di ìparí oṣù àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ kò nílò ìwé báńkì kankan. Ẹ bi onígbọ̀wọ́ ní ìbéèrè yìí ní ọjọ́ kìíní, nítorí àmì kékeré kan lórí ẹ̀rọ wọn ni, ó sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ wàhálà tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Bí onígbọ̀wọ́ kò bá ṣe é, owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà kí a fi àkáǹtì bàbá tàbí ìyá hàn. Òfin físà yìí kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti dàgbà. Òbí tó bá fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kó fi owó náà sínú àkáǹtì ọmọ, kó sì tètè ṣe é. Owó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀ léra, láìlọ sílẹ̀ ju pọ́n-ùn 1,270 lọ ní ọjọ́ kankan. Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ 28 náà kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ọmọ fi ìbéèrè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é. Ká ṣáà sọ pé pọ́n-ùn kan jẹ́ náírà 2,000, kí ìṣirò lè rọrùn. Pọ́n-ùn 1,270 di náírà 2,540,000. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fi 2,600,000 sínú àkáǹtì rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ọjọ́ ti pé. Ní ọjọ́ 20, ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, ó sì fi 80,000 ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Owó tó kù di 2,520,000. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá owó náà padà fún un. Lójú tiwa, kò sí ohun tó bàjẹ́. Lójú ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ báńkì náà, ọjọ́ 19 tó ti kà ti ṣòfò. Láti ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ni kíkà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 28 yóò sì pé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà. Bí ó bá fi ìbéèrè sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà bó ṣe rò tẹ́lẹ̀, wọn yóò kọ̀ ọ́. Bí ó bá dúró di ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, owó rẹ̀ pé, ó sì ṣì wà nínú fèrèsé.

Ọ̀ràn kejì tó wà nínú owó ni iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ fi ìbéèrè sílẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò gbogbo ọjọ́ 28 náà, orí ìkànnì oanda.com ni wọ́n sì ti ń mú un. Bí pọ́n-ùn bá ti di 2,060 ní ọjọ́ yẹn, ohun tí òfin ń béèrè ti di náírà 2,616,200. Ẹni tó ní 2,600,000 láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, tí kò mú kọ́bọ̀ kúrò, kò ní tó mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi náírà ṣe é, kí ó fi ohun tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, kí ó má sì fọwọ́ kàn án. Àkáǹtì tí ọmọ fi ń ra káàdì fóònù, tí báńkì sì ń yọ owó kéékèèké nínú rẹ̀, kọ́ ni kó lò. Kó ṣí òmíràn fún owó yìí nìkan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń tẹ ìwé báńkì tí kò sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọmọ yín wọ inú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ físà lè bá báńkì sọ̀rọ̀ tààrà, ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ó fi ìwé irọ́ sílẹ̀ lè má rí físà Ìlú Ọba gbà fún ọdún mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ tí ọmọ bá fi ìbéèrè sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, yóò san owó méjì. Ní 2025, owó físà náà jẹ́ pọ́n-ùn 319. Owó ìtọ́jú ìlera sì jẹ́ pọ́n-ùn 1,035 fún ọdún kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò ti lo oṣù mẹ́wàá, ti ọdún kan gbáko ni yóò san, àpapọ̀ rẹ̀ sì di pọ́n-ùn 1,354. Owó wọ̀nyí máa ń yí padà, nítorí náà kí ó wo ìkànnì gov.uk lọ́sẹ̀ tí yóò san án. Owó yìí yàtọ̀ pátápátá sí pọ́n-ùn 1,270 tó wà ní báńkì. Ẹni tó bá yọ ọ́ nínú owó tó fẹ́ fi hàn kí ọjọ́ 28 tó pé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ohun tó so.

Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí ibùdó físà láti tẹ ìka kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ara wọn láti dáhùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fi ìbéèrè sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, tó sì rí àyè tẹ ìka ní ọjọ́ 29, yóò máa retí èsì ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Keje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ṣì kù kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òun nìyẹn tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, tí kíkà owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àyè tó fi sílẹ̀ níwájú ló gbà á.

Láti 2025, físà tí wọ́n fún ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ ti di ti orí ẹ̀rọ. Ọmọ yóò ṣí àkáǹtì pẹ̀lú ìjọba wọn, yóò sì so ìwé ìrìnnà rẹ̀ mọ́ ọn. Kí ó wo ọjọ́ àti orúkọ tó wà níbẹ̀ kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó lè wọ Ìlú Ọba láti ọjọ́ 14 ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ni. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ti ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ yóò padà wá san owó àtúnṣe.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Wọn yóò dá owó ìtọ́jú ìlera padà, ṣùgbọ́n owó físà ti lọ. Ọmọ lè ní kí wọ́n tún ìpinnu náà yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n àṣìṣe òṣìṣẹ́ wọn nìkan ni àyẹ̀wò yẹn wà fún. Bí ó bá jẹ́ pé owó ló lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, kò sí ìwé tuntun tó lè fi bò ó. Èyí tó wúwo jù ni pé nọ́ńbà onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ti lò nínú ìbéèrè tí wọ́n kọ̀ kò ṣeé lò mọ́. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ tún fún un ní òmíràn, ìgbà tí yóò bá sì dé, ọjọ́ iṣẹ́ lè ti kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ 80,000 náírà. Owó tó padà wọlé ní ọjọ́ kejì lè gba ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́wàá lọ́wọ́ ọmọ tó yege ní gbogbo ọ̀nà yòókù.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni apá kan iṣẹ́ yìí wà. Lẹ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ kọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yìí, tàbí pé ó ti parí, ni ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́ máa ń béèrè kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́tà tó bá jókòó oṣù méjì lórí tábìlì ẹ̀ka ti jẹ oṣù méjì nínú àkókò ọmọ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó o, kí lẹ́tà máa jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí iléeṣẹ́ kan bá kọ̀wé sí yín lọ́la pé wọ́n gbà yín, ẹ dá èsì padà ní ọjọ́ náà gan-an pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Àjọ wo ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́? Ọjọ́ wo ni wọn yóò fún mi ní nọ́ńbà, ṣé kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́? Ṣé onígbọ̀wọ́ yóò gbọ́ bùkátà oṣù àkọ́kọ́, tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 28? Bí ìdáhùn bá dé, ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ fa ìlà sí ọjọ́ tí fèrèsé yín ṣí àti ọjọ́ tí yóò tì, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé ẹ ń lọ.